Ẹni Tí Ó Bá Bẹ Akẹgbẹ́ Kọ Ìtàn Rẹ̀ Ni Yóò Fún Un Ní Òótọ́ Rẹ̀

Ní Kòsọ́fẹ́, láti Kétu títí dé Ìkòsì àti Máìlì 12, kì í pẹ́ kí ayẹyẹ kan tó wáyé níbi tí atọ́kùn ètò yóò ti ka ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan fún àwùjọ. Ó lè jẹ́ olùkọ́ tí wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ, ó sì lè jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ọlọ́jà tàbí alága àwọn onílé. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń yìn ni ó kọ ọ́. Ojú máa ń ti ọmọlúàbí láti fi ẹnu ara rẹ̀ yin ara rẹ̀, nítorí náà ni ó ṣe ń bẹ akẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ nǹkan díẹ̀, ẹ ṣáà mọ̀ mí." Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Akẹgbẹ́ mọ ìwà ẹni àti ọwọ́ tí ẹni fi ń mú iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ ọdún tí ẹni gba ìwé-ẹ̀rí. Ibi tí kò bá mọ̀, yóò fi àbá dí i, ìfẹ́ tí ó ní sí ẹni náà yóò sì mú kí àbá ọ̀hún tóbi ju òótọ́ lọ.

Ìpínlẹ̀ Èkó ti rí èyí tí ó le jù nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1999, àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ lórí ohun tí ó wà nínú ìwé tí wọ́n fi sọ́wọ́ àjọ elétò ìdìbò fún Bọ́lá Tinúbú, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di gómìnà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Yunifásítì Ṣikágò ni ó lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ṣikágò, ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn pátápátá, ni ó ti gboyè ní 1979. Sẹ́nétọ̀ Tòkunbọ̀ Afíkúyọ̀mí, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà, jáde sọ pé òun ni òun kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé náà, pé òun ni kí wọ́n dá lẹ́bi àṣìṣe inú rẹ̀. Ṣé ìyẹn wá parí ọ̀rọ̀? Agbẹjọ́rò Gàní Fawẹ̀hìnmí gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́, ó sì dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, tí ó sọ ní 2002 pé àwọn ọlọ́pàá lè ṣe ìwádìí gómìnà bí wọn kò tilẹ̀ lè mú un nígbà tí ó wà lórí oyè. Ní 2023, lẹ́yìn tí ó ti di ààrẹ, wọ́n tún ń bèèrè ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ yunifásítì náà ní Amẹ́ríkà. Ohun yòówù kí ènìyàn rò nípa ìṣèlú ọ̀rọ̀ náà, ohun kan dájú: ẹni tí ó gba ẹ̀bi kọ́ ni aráyé ń bi ní ìbéèrè, bí kò ṣe ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé.

Ìtàn orí ayẹyẹ kò tó ìwé ìdìbò, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni àṣìṣe ń gbà wọ inú àwọn méjèèjì. Kí a mú olùkọ́ kan ní Kétu gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, obìnrin tí wọ́n bí sí Ìkòsì ní 1965. Ó bẹ akẹgbẹ́ rẹ̀ kan, kò sì fún un ní ìwé kankan. Akẹgbẹ́ náà kọ ọ́ báyìí pé: "Ọmọ bíbí Ìkòsì ní ìpínlẹ̀ Èkó ni wọ́n. Wọ́n gboyè ní Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní 1990. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, àwọn ni wọ́n sì kọ́ yàrá ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ wa."

Ó dùn-ún gbọ́, àmọ́ kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí ó dúró gbọn-in. Ìkòsì ju ẹyọ kan lọ: èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kétu yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n so pọ̀ mọ́ Èjìnrìn ní ìhà Ẹ̀pẹ́. Kétu fúnra rẹ̀ ní orúkọ kan náà pẹ̀lú ìlú Alákétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àlejò tí ó bá sì gbọ́ "ọmọ Kétu" lásán lè rò pé ará ibẹ̀ ni ẹni náà. Ìpínlẹ̀ Èkó pàápàá, oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni agbègbè Ìkẹjà, tí Ìkòsì jẹ́ apá kan rẹ̀, wà ní 1965. (Èyí kéré lóòótọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀. Kíkọ "ní Ìkòsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kétu, ní ìpínlẹ̀ Èkó òde òní" ti tó.)

Èyí tí ó lè kó ìtìjú báni ni ti ilé-ẹ̀kọ́. Ní 1990, kò sí yunifásítì kankan tí ń jẹ́ orúkọ yẹn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìjànikin ni ó wà, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ni obìnrin náà sì gbà níbẹ̀, kì í ṣe oyè dìgírì. Ọdún 2022 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà di yunifásítì. Akẹgbẹ́ náà kò purọ́. Orúkọ tí ó ń rí lára pátákó lónìí ni ó kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé ìtàn yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé-ẹ̀rí obìnrin náà yóò sọ pé ó fi oyè tí kò ní kún tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ rí bẹ́ẹ̀: lẹ́yìn 2003, tí Èkó dá agbègbè ìdàgbàsókè mẹ́tàdínlógójì sílẹ̀, Ìkòsì-Ìṣẹrí àti Agbóyì-Kétu ní ọ́fíìsì tiwọn. Bí ó bá jẹ́ Ìkòsì-Ìṣẹrí ni ó ti ṣiṣẹ́ ní 2005, orúkọ náà ni kí wọ́n kọ.

Ní ti yàrá ìkàwé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni wọ́n dá owó. Obìnrin náà ni ó tọ́jú àkọsílẹ̀ owó títí iṣẹ́ fi parí. Òótọ́ yìí níyì ju irọ́ inú ìwé àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé àwọn tí wọ́n dá owó náà yóò jókòó sínú gbọ̀ngàn.

Ojú ìwé kan ṣoṣo ì bá ti tó láti dènà gbogbo èyí. Kí ẹni tí ń bẹ akẹgbẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sórí rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ó ṣe wà lára ìwé-ẹ̀rí, kí ó sọ èyí tí ó yí padà nígbà ìgbéyàwó. Kí ó kọ ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ tí ó ń jẹ́ nígbà náà, irú ìwé-ẹ̀rí tí ó gbà àti ọdún rẹ̀, kí ó máa wo ìwé náà bí ó ti ń kọ ọ́, kí ó má gbára lé orí. Bí ó bá jẹ́ adelé ni ó ṣe nípò kan, kí "adelé" hàn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó mú iṣẹ́ kan tàbí méjì, kí ó sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe nínú rẹ̀ àti ohun tí ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ṣe. Kí ó tún sọ ohun tí kò fẹ́ kí wọ́n mẹ́nu bà, bí àìsàn tàbí ọ̀rọ̀ ilé, nítorí akẹgbẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n lè rò pé yóò wú àwọn ènìyàn lórí.

Ìyìn nìkan ni kí ó fi sílẹ̀ fún akẹgbẹ́, nítorí ìdí nìyẹn tí ó fi bẹ̀ ẹ́. Bí ìwé bá padà dé, kí ó fi ìka tọ ọdún àti orúkọ kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé tí ó fún un, kí ó tún èyí tí kò tọ́ ṣe, kí ó má sì fọwọ́ kan ọ̀nà tí akẹgbẹ́ gbà yìn ín. Kí ó tún fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn mẹ́ta tí kò gbọdọ̀ yọ, torí bí ètò bá ti pẹ́, atọ́kùn yóò gé ìtàn náà kù, èyí tí ó bá sì wù ú ni yóò fi sílẹ̀.