Pupa Ẹyin ní Pẹ́kàmù àti ní Bódìjà

Nígbà tí ìyá mi wá kí wa ní Pẹ́kàmù, wọ́n fọ́ ẹyin méjì sínú àwo, pupa rẹ̀ sì pọ́n bí epo. "Ẹyin rèé o! Ti Bódìjà ti di omi ògì." Èmi náà gba bẹ́ẹ̀ gbọ́ tẹ́lẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń sin adìyẹ nítòsí Ìbàdàn tó là mí lójú.

Lọ́dún kan tí àgbàdo pupa wọ́n, funfun ni ẹ̀gbọ́n rà. Adìyẹ kò yí, sóyà kò yí, fítámì tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ kò yí. Pupa ẹyin máa ń lo bí ọjọ́ mẹ́wàá kó tó dàgbà tán nínú adìyẹ, nítorí náà kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí gbogbo rẹ̀ fi ṣá. Àwọn oníbàárà ń dá kíréètì padà, wọ́n ní adìyẹ ń ṣàìsàn. Ẹ̀gbọ́n lọ̀ tàtàsé gbígbẹ, ó bu díẹ̀ sínú oúnjẹ wọn, ni pupa bá tún pọ́n, ni wọ́n bá tún ń rà á. Bẹ́ẹ̀ àwọ̀ pupa inú tàtàsé kì í di fítámì A, kì í sì í fi kún èròjà amáradàgbà tí ẹyin ń fúnni. Àwọn àgbẹ̀ òyìnbó náà ń ṣe é: wọ́n ní abẹ̀bẹ̀ kan tí wọ́n to àwọ̀ sí, láti èyí tó ṣá dé èyí tó pọ́n jù, òun ni wọ́n fi ń yan bí pupa yóò ṣe pọ́n tó. Adìyẹ ìbílẹ̀ tó ń ṣa koríko jẹ ní pupa tó pọ́n lóòótọ́, àwọ̀ koríko yẹn sì ń ṣe ojú wa lóore díẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ ti koríko yàtọ̀ sí ti tàtàsé.

Èèpo ńkọ́? Ìran adìyẹ ló ń pinnu ìyẹn. Ísà Búráùn, tó pọ̀ nílé, máa ń lo bí ogún wákàtí lórí èèpo, ìparí rẹ̀ ló ń kun ún; ẹ yẹ inú èèpo náà wò, funfun ni. Ìran Lẹ́góònù tó pọ̀ ní Amẹ́ríkà ń yé funfun. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Húsítìn ṣì ń sọ pé kẹ́míkà ni wọ́n fi fọ̀ ọ́ di funfun. Fífọ̀ ni wọ́n ń fọ̀ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ funfun ló ti jáde.

Lọ́jọ́ yẹn ní Pẹ́kàmù, mo bu omi sínú abọ́, mo ní kí ìyá mi kó ìyókù ẹyin wọn sí i. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sùn gbalaja sísàlẹ̀. Ọ̀kan tó ti pẹ́ lẹ́yìn fìríìjì nàró, orí rẹ̀ ń wá òkè, torí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti pọ̀. Wọ́n fọ́ ọ: funfun rẹ̀ ṣàn káàkiri àwo bí omi, pupa rẹ̀ sì pọ́n ju ti gbogbo wọn lọ. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní kí n gbé abọ́ omi náà síbẹ̀.