Iyọ̀ Tí Ìyá Ẹlẹ́ja Kò Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Bù

Bí a bá ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa kọ ètò àsọyé lórí ẹ̀jẹ̀ ríru fún àwọn ọlọ́jà, gbólóhùn tí yóò kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ni "Ẹ dín iyọ̀ kù." Bẹ́ẹ̀ náà ni a kọ ọ́ nígbà tí a jókòó ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìyá tó ń tajà ní Igbókọ̀dá, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹja àti edé láti àwọn ìlú etí òkun Ìlàjẹ. Ìgbà tí a tún un kà ni a bi ara wa pé iyọ̀ wo gan-an. Ṣé èyí tí ìyá fọwọ́ ara rẹ̀ bù sínú ìkòkò ni, àbí èyí tó bá oúnjẹ ọjà wọlé, àbí èyí tó wà nínú omi mímu? Èrò wa ni pé àsọyé tí kò bá ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, ìbáwí lásán ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ èdè, torí iṣẹ́ tiwa nìyẹn. "Ẹ̀jẹ̀ ríru" ni gbogbo wa ń pè é. Ṣùgbọ́n létí ará Ìlàjẹ, òkun ló ń ru. Bí òkun bá ń ru, ojú ń rí i, etí ń gbọ́ ọ, bó bá sì rọlẹ̀ tán, apẹja á tún gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá fi ojú yìí wo àìsàn náà yóò máa retí àmì: orí fífọ́, àyà jíjá, ooru ara. Bí kò bá rí wọn, á ní òun ti gbádùn, á sì pa oògùn tì. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in kì í ní ìrora kankan. Ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ bá dá ẹni náà wó, wọ́n á ní ọfà ayé ni.

Nítorí náà, àpèjúwe mìíràn ni a ní kí olùsọ̀rọ̀ lò: omi tó ń jẹ ìdí òpó ilé. Ẹni tó ń gbé ilé orí omi mọ̀ pé òpó lè ti máa jẹrà nísàlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ilé ṣì dúró dáadáa lókè. Kò sí ohun tí yóò sọ fún un àfi kó bẹ̀ wò. Bíbẹ̀ wò yẹn ni wíwọn ẹ̀jẹ̀.

Wíwọ̀n náà sì ní ìlànà. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ apẹ̀rẹ̀ ẹja kalẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú 5, kó fẹ̀yìn ti àga, kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kó gbé apá lé tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kó má sì sọ̀rọ̀. Bí apá rẹ̀ bá tóbi, tí aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n ń dì mọ́ ọn sì kéré, iye tó máa jáde yóò ga ju òótọ́ lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì wà láàárín. Bó bá tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, ẹ má tíì pè é ní aláìsàn. Ẹ kọ ọ́ sí káàdì, kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n bó bá tó 180 lókè tàbí 120 nísàlẹ̀, tí àyà ń dùn ún tàbí tí apá rẹ̀ kan ń kú tipiri, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀.

Ó wá kan iyọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí tíì kan tí a fi ọwọ́ gé orí rẹ̀. A ò lè sọ gíráàmù lójú ọjà. Ṣíbí ni kí wọ́n gbé wá. Mágì ńkọ́? Hóró kékeré kan tó wọ̀n tó gíráàmù 4, ó lé ní ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ iyọ̀. Ẹ kà á sí gíráàmù 2.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó se ìkòkò ọbẹ̀ kan fún ènìyàn 6, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ kan. Ó fi ṣíbí iyọ̀ 2 sí i, gíráàmù 10 nìyẹn. Ó fi hóró mágì 4 sí i, gíráàmù 8. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 18. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 6, gíráàmù 3 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò tíì kọjá ààlà, kò sì yẹ ká bá a wí. Ṣùgbọ́n ìyá yìí ti dé ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́. Oúnjẹ àárọ̀ àti ti ọ̀sán, ọwọ́ olóúnjẹ ló ti rà wọ́n. Oúnjẹ méjèèjì ni yóò pín gíráàmù 2 tó kù, kò sì mọ iye iyọ̀ tó wà nínú wọn.

Ìdí nìyí tí a fi yí ètò wa padà. Àwọn olóúnjẹ ọjà ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ tó pe àwọn ẹlẹ́ja. Ìkòkò kan ṣoṣo lọ́wọ́ olóúnjẹ ń bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kò ní rí pè jókòó. Kí ẹ má ṣe ní kí ó dín in kù lẹ́ẹ̀kan náà. Oníbàárà á sá lọ, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Hóró kan ni kó yọ lọ́sẹ̀ yìí, kó fi edé lílọ̀, ata àti ẹ̀fìrín dípò rẹ̀, kó tún yọ ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ahọ́n máa ń mọ́ra láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bó bá jẹ́ ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ pa kí wọ́n tó yan án ló ń lò, kó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, kó da omi náà nù, kí ó sì tọ́ ọbẹ̀ wò kó tó bu iyọ̀ kankan sí i.

Iyọ̀ kẹta ló ń dùn wá jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n gbẹ́ ipa omi fún iṣẹ́ epo ní agbègbè Awóyè, omi òkun sì gba ibẹ̀ wọ inú omi tí kò níyọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní etí òkun Bangladẹ́ṣì, àwọn olùwádìí rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ láàárín àwọn aboyún tó ń mu omi oníyọ̀. Bí a bá ní kí ìyá kan yọ mágì, tí ife omi rẹ̀ ṣì níyọ̀, ìdajì òótọ́ la sọ fún un. Kí ètò náà ní ibi tí wọ́n ti máa bi í pé omi wo ló ń mu, kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ bá ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti ṣíbí ìyá kankan.

Iye ènìyàn tó jókòó tó sì pàtẹ́wọ́ kọ́ ni yóò fi hàn bóyá àsọyé náà ṣiṣẹ́. Kí a padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí a bi olóúnjẹ pé hóró mélòó ló ń wọ ìkòkò rẹ̀ báyìí. Kí a bi ẹni tí káàdì rẹ̀ ga bóyá ó padà lọ wọ̀n ọ́n, àti bóyá ó ṣì ń lo oògùn rẹ̀, torí iyọ̀ tí a dín kù kò gba ipò oògùn tí dókítà kọ. Bí a kò bá ní ẹni tí yóò padà lọ béèrè, kí a má tíì lọ.