Ìpín Ìdókòwò: Iye tí A Béèrè Kọ́ ni A Ń Rí Gbà

Ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ ta ìpín ìdókòwò fún ará ìlú fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò gbé ìwé àlàyé tí àjọ aṣàkóso ọjà náà fọwọ́ sí jáde. Olùrà yóò gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ alágbàtà tó ní ìwé àṣẹ, yóò sì sanwó tán. Ṣùgbọ́n owó pípé kò ní kí ìpín pé.

Ní ọdún 2008, ìjọba Kẹ́ńyà ta ìdá kan nínú mẹ́rin ilé-iṣẹ́ Safaricom, ìpín kọ̀ọ̀kan ní ṣílè 5. Olùrà pọ̀jù, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí ará ìlú béèrè ni wọ́n rí gbà. Wọ́n dá owó yòókù padà, ṣùgbọ́n ẹni tó yá owó jẹ èlé gbogbo rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, iye ìpín náà ti já wálẹ̀ sí abẹ́ ṣílè 5.

Nítorí náà, ẹ ka ọ̀nà tí wọn yóò gbà pín in nínú ìwé àlàyé, kí ẹ má sì yáwó rà á.