Ẹ Fún Odò Ògùnpa Ní Bọ́ọ̀dù Kan

Láti ọdún 1991 tí wọ́n ti pín káńsù ìgboro Ìbàdàn sí márùn-ún, kò sí alága kan níbẹ̀ tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun yóò gba ará àdúgbò òun lọ́wọ́ odò Ògùnpa. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí odò náà ti bẹ̀rẹ̀ tó sì parí sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń ti apá Àṣì àti Bódìjà bọ̀, ó gba Agodi, ó já sí Dùgbẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Mọ̀lété, gbogbo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi kìlómítà 13 lọ. Lórí odò kúkúrú yìí, káńsù kọ̀ọ̀kan ní ẹnjiníà tirẹ̀, kálukú ń kó ìdọ̀tí tirẹ̀ nígbà tó bá wù ú, kò sì sí ẹni tó ń bi ẹnìkejì léèrè. Mo ń sọ ọ́ láìfi bò pé ìwà àìbìkítà tó ń pa ènìyàn ni èyí. Ó tó àkókò kí òfin fi ipá so àwọn káńsù wọ̀nyí pọ̀ nínú bọ́ọ̀dù kan lórí omi yìí, bí wọ́n bá fẹ́ àti bí wọ́n bá kọ̀.

Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni Ògùnpa kún bo ìlú, tí ó sì gbé ènìyàn tó ju 200 lọ. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni òjò tó ju mìlímítà 180 lọ rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, afárá já, ọgbà Agodi bàjẹ́, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ẹni tó kú káàkiri Ìbàdàn. Lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́ ni wọ́n da kọnkéré sí ojú odò. Lẹ́yìn èkejì ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún 2014 fún iṣẹ́ àkúnya omi Ìbàdàn. N kò bá kọnkéré jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró lórí afárá kan ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó sì wo ìsàlẹ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí kọnkéré: yanrìn àti ọ̀rá ló ń gbé inú rẹ̀.

Níbi tí ilẹ̀ bá ti dagẹ̀rẹ̀, omi ń sáré, ó sì ń gbé yanrìn dání. Níbi tó bá ti tẹ́jú, eré omi á dínkù, yanrìn á sì jókòó, pàápàá lábẹ́ afárá níbi tí òpó ti ń dá ọ̀rá àti pákó dúró. Bí ẹnu afárá kan bá ga ní mítà mẹ́ta, tí yanrìn sì ti gba mítà kan níbẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta àyè omi ti lọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Káńsù ìsàlẹ̀ lè gbé katakata wọ odò nínú oṣù kejì kó gbẹ́ ẹ mọ́ tónítóní. Bí káńsù òkè kò bá gbẹ́ tirẹ̀, òjò ńlá méjì tàbí mẹ́ta ti tó láti dá yanrìn náà padà. Owó ìsàlẹ̀ ti wọmi nìyẹn, alága ibẹ̀ yóò sì wí fún ara rẹ̀ pé kò sí ìdí láti gbẹ́ ẹ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìwé òfin Nàìjíríà tí ọdún 1999 fi gọ́tà, ìkólẹ̀, ọjà àti owó ìsọ̀ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ wo ohun tí èyí ń bí lẹ́bàá odò. Káńsù tó wà lókè ló ń gba owó ìsọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kan pákó mọ́ etí Ògùnpa. Ilẹ̀ tí oníṣọ́ọ̀bù náà ń dà sínú omi, ọ̀dọ̀ káńsù mìíràn ló ń gúnlẹ̀ sí. Owó dúró lókè, òkú sọ̀ sísàlẹ̀. Kò sí ìwàásù tó lè tún èyí ṣe, nítorí alága tó bá lé àwọn oníṣọ́ọ̀bù yóò pàdánù owó àti ìbò, àwọn tó sì gbà là kò sí lára àwọn tó ń dìbò fún un.

Àwọn kan yóò ní kí ìjọba ìpínlẹ̀ gba gbogbo rẹ̀. Rárá. Ìjọba ìpínlẹ̀ mọ bí wọ́n ti ń gbé iṣẹ́ ńlá fún kọngilá, ṣùgbọ́n ohun tí odò yìí ń fẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ tí wọn kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n máa yẹ afárá wò lóṣooṣù. Àríwísí tó gbóná jù ni ti àwọn tó ń bẹ̀rù pé àpò àpapọ̀ ni mo tún fẹ́ dá padà. Ẹ̀rù wọn kò ṣẹ̀yìn ohun tí ojú káńsù rí. Ọjọ́ pẹ́ tí owó ìjọba ìbílẹ̀ ti ń gba inú àpò tí ìpínlẹ̀ di ẹnu rẹ̀ mú, títí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó káńsù máa lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ káńsù. Ṣùgbọ́n nínú àpò àtijọ́ yẹn, ẹlòmíràn ló ń ná owó onílé. Nínú bọ́ọ̀dù tí mo ń sọ, àwọn alága fúnra wọn ló máa jókòó, tí wọ́n á sì yan ẹnjiníà. Ìdájọ́ yẹn sì ti mú àwáwí tó kù kúrò: alága tí owó rẹ̀ ń wọlé tààrà kò lè sọ mọ́ pé gómìnà ni kò jẹ́ kí òun gbẹ́ gọ́tà.

Ẹni tó bá ní káńsù tó ní ìgbéraga kò lè jọ ní omi kan, kó wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣẹ́fíìlì, Dábì, Nọ́tíńgámù àti Lẹ́sítà jọ ń du odò Dáwẹ́ǹtì lópin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, oníkálukú fẹ́ kọ́ ìdídò tirẹ̀. Lọ́dún 1899, ilé aṣòfin kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì kó wọn sínú bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Ìpín omi ìlú kọ̀ọ̀kan wà nínú òfin: ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún fún Ṣẹ́fíìlì, 25 fún Dábì, Lẹ́sítà tó jìnnà jù ló sì gba èyí tó pọ̀ jù. Bọ́ọ̀dù náà parí ìdídò Háódíǹ lọ́dún 1912 àti Dáwẹ́ǹtì lọ́dún 1916, ogun àgbáyé méjì kò sì tú u ká. Ọdún 1974 ni wọ́n tó fi iṣẹ́ rẹ̀ lé àjọ tó tóbi jù ú lọ lọ́wọ́. Kò sí ìlú kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó pàdánù orúkọ rẹ̀.

Ohun tó mú un dúró ni pé ìpín ti wà nínú òfin kí ìjà tó dé. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà tiwa yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará òkè yóò ní kí á fi gígùn odò pín ìnáwó. Kí a má gbà fún wọn. Ilẹ̀ tí omi ti ń ṣàn wọ odò ni kí á wọ̀n, torí òrùlé àti ọ̀dà títì ló ń sọ òjò di àgbàrá. Ká ní iṣẹ́ ọdún kan yóò ná 500 mílíọ̀nù náírà, tí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ilẹ̀ náà sì jẹ́ ti káńsù kan, 200 mílíọ̀nù ni yóò san, ìbáà ṣe kìlómítà méjì péré ni odò fi gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Káńsù tí Ògùnpa kò tilẹ̀ fojú kàn, ṣùgbọ́n tí àgbàrá rẹ̀ ń wọ odò Kúdẹtì tó ń bá a pàdé, yóò san tirẹ̀.

Bí a bá fi ìsanwó sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú, bọ́ọ̀dù náà yóò kú láàárín ọdún méjì. Alága tuntun yóò dé, yóò ní gbèsè ẹni àná ni. Nítorí náà, kí òfin sọ pé ìpín bọ́ọ̀dù ni àkọ́san nínú ìsúnná káńsù, ṣáájú ọkọ̀ àti owó ìrìnàjò. Kí káńsù tó bá fẹ́ jáde kìlọ̀ ní ọdún méjì ṣáájú, kó sì san gbèsè rẹ̀ tán. Kí ìsọ̀ kankan má sì dúró létí odò láìsí ìwé bọ́ọ̀dù.

Ẹ̀ka keje ìwé òfin fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọ̀yọ́ lágbára láti ṣe òfin lórí ètò, ìnáwó àti iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Wọn kò nílò Àbújá. Kí wọ́n gbé àbá náà wọlé, kí wọ́n sì pe àwọn alága márààrún wá sí ìjókòó ìta gbangba. Èyí tó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i nínú wọn, kó dìde dúró níbẹ̀, kó sọ ìdí rẹ̀ lójú àwọn ará Mọ̀lété.