Ẹ Gba Ìyọ̀ǹda Kí Àbúrò Yín Tó Wọ Bàálù

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń yálé gbé ní Lọ́ńdọ̀nù àti káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má bínú sí mi. Nílé, bí àbúrò ẹni bá gbé báàgì dé, ta ló ń bi onílé kí ó tó tẹ́ ẹní fún un? Ṣùgbọ́n ní Peckham tí ẹ wà yẹn, ìwé àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí ló sábà máa ń sọ ẹni tó lè fi ilé náà ṣe ibùgbé. Àlejò ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe ìṣòro. Ẹni tó ń gba lẹ́tà báńkì rẹ̀ sí àdírẹ́sì yín ti kúrò ní àlejò.

Ẹ jẹ́ ká wo ìyá kan tó ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ pẹ̀lú ọmọ ọdún 7. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 24, ń bọ̀ wá kàwé. Kí ìyá yìí tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ó kọ̀wé sí onílé tàbí ajẹ́ńtì: orúkọ àbúrò náà, ọjọ́ orí rẹ̀, ọjọ́ tí yóò dé, iye oṣù tí yóò lò, ibi tí yóò máa sùn, àti pé àwọn ìwé ìgbélùú rẹ̀ wà nílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ohun tó kẹ́yìn yìí ni onílé ń bẹ̀rù jù. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, onílé tó bá gbé àgbàlagbà tí kò ní ẹ̀tọ́ láti yálé sínú ilé rẹ̀ lè san ìtanràn tó tó 10,000 pọ́n-ùn lórí ẹnì kan, bó tilẹ̀ jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá sì ń gba owó ilé lọ́wọ́ àbúrò yín, ẹ ti ń di onílé níyẹn. Ìtanràn tiyín lè tó 5,000. Nítorí náà, ẹ ní kí àbúrò yín gba kóòdù tó fi hàn pé ó ní ẹ̀tọ́ láti yálé lórí GOV.UK, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà R. Ọjọ́ 90 péré ló ń lò, ẹ má gbà á tipẹ́tipẹ́.

Onílé yóò tún wo bóyá ilé náà gbà yín. Òfin ilé gbígbé ti ọdún 1985 ka pálọ̀ mọ́ yàrá tí ènìyàn lè sùn sí. Yàrá méjì gba ènìyàn mẹ́ta, bí wọn kò bá kéré jù. Ọmọ tó ti pé ọdún kan àmọ́ tí kò tíì pé ọdún 10 jẹ́ ìdajì. Ìyá yìí, ọmọ rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ jẹ́ méjì àti ààbọ̀, kò sí wàhálà. Bí ìyá àgbà bá tún fẹ́ wá fìdí kalẹ̀, ó di mẹ́ta àti ààbọ̀, ìyọ̀ǹda kò sì ní rọrùn mọ́.

“Kò burú” tí ajẹ́ńtì sọ lórí fóònù kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ajẹ́ńtì ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹni tó bá gba ipò rẹ̀ kò sì gbọ́ ohun tó sọ fún yín. Ẹ gbà á ní àkọsílẹ̀, kí ó sì hàn níbẹ̀ bóyá àbúrò yín kàn ń bá yín gbé ni, àbí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ kún ayálégbé. Ẹni tó kàn ń báni gbé kì í sábà ní ẹ̀tọ́ láti dúró síbẹ̀ bí ẹ bá kó jáde. Wọ́n lè gba 50 pọ́n-ùn lọ́wọ́ yín láti tún ìwé àdéhùn kọ. Bí ẹ bá ń gba ẹ̀dínwó owó orí káńsù ti ẹni tó ń dá gbé, ẹ sọ fún káńsù pẹ̀lú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé ní kíkún kì í ba ẹ̀dínwó náà jẹ́, bí ẹ bá fi ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ hàn wọ́n.

Àwọn kan á ní àwọn á fi àbúrò àwọn pa mọ́. Ẹni tó wá yẹ ilé wò kò nílò ju búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó wà ní ilé ìwẹ̀ láti mọ iye yín. Bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù pé ẹ rú àdéhùn, adájọ́ ni yóò pinnu bóyá ó tọ́ kí ẹ jáde. Ẹni tó fi nǹkan pa mọ́ ló máa ń ṣòro fún láti sọ pé kò tọ́.

Ajá àti ológbò ńkọ́? Láti ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2026, òfin fún ọ̀pọ̀ ayálégbé aládàáni ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé béèrè, onílé sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọjọ́ 28. Kò lè kọ̀ láìnídìí. Àmọ́ bí ẹni tó ni gbogbo ilé ńlá náà bá ti fòfin de ẹran ọ̀sìn, ìdí wà. Bí kò bá sì fèsì, ìyẹn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má gbé ajá wọlé ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Òfin yẹn kò mẹ́nu kan àbúrò yín rárá. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ń retí èsì sínú lẹ́tà, kí ó sì ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa sanwó bàálù.