Níbo Ni Òdo Iwájú Nọ́ńbà Fóònù Ń Gbà Lọ?

Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Kàdúná fẹ́ pín èrè ọdún. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà àkáǹtì wọn sínú fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì gba àkọsílẹ̀ náà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bíi fáìlì CSV, ìyẹn fáìlì tí kọ́mà ń pín ohun inú rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, Excel sì ṣí i. Fóònù 08012345678 ti di 8012345678. Àkáǹtì 0012345678 ti di 12345678. Ẹni tó kọ +2348012345678, ohun tó hàn níwájú orúkọ tirẹ̀ ni 2.34801E+12. Ṣadé di á¹¢adÃ©, Ɗanjuma náà di ÆŠanjuma. Nọ́ńbà mẹ́wàá gééré sì ni àkáǹtì báńkì ní Nàìjíríà máa ń ní. Bí mẹ́jọ bá dé báńkì, owó ẹni náà kò ní wọlé.

Akápò rò pé fọ́ọ̀mù ló ba iṣẹ́ jẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń bá àwọn ará àdúgbò tẹ ìwé ló dá a dúró: "Mọ́mì, ẹ má tíì fi pamọ́ o. Ẹ pa á dé ná, ẹ jẹ́ ká fi Notepad wò ó." Nínú Notepad, gbogbo òdo pé síbẹ̀, Ṣadé sì ń jẹ́ Ṣadé. Excel ló tú u kà.

Kò sí ohunkóhun nínú fáìlì CSV tó sọ pé nọ́ńbà fóònù ni èyí, kóòdù ni tọ̀hún. Excel kàn ń méfò ni. Ohun tó bá ti jẹ́ kìkì nọ́ńbà, ìṣirò ló máa kà á sí, nínú ìṣirò sì rèé, 007 kò yàtọ̀ sí 7. Ti orúkọ yàtọ̀ sí èyí. Lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní UTF-8, báìtì mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà Ṣ. Bí Excel bá lo ètò Windows àtijọ́, níbi tí báìtì kan ti jẹ́ lẹ́tà kan, Ṣ kan ṣoṣo á di á, ¹ àti ¢.

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ṣí ìwé Excel tuntun tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, wọ́n tẹ Data, lẹ́yìn náà From Text/CSV, wọ́n sì mú fáìlì náà. Ojú ewé kékeré kan yọ. Níbi File Origin, wọ́n mú 65001: Unicode (UTF-8), orúkọ sì tún ara rẹ̀ ṣe lójú ẹsẹ̀. (Bí ó bá jẹ́ pé àmì � ló yọ níbẹ̀, á jẹ́ pé ètò àtijọ́ ni wọ́n fi kọ fáìlì náà, 1252 ni kí wọ́n gbìyànjú.) Níbi Delimiter, wọ́n mú Comma. Níbi Data Type Detection, wọ́n mú Do not detect data types, kí Excel má baà méfò mọ́. Wọ́n wá tẹ Load.

Ibì kan wà tó máa ń tan èèyàn jẹ. Àkọlé òpó lè hàn bíi Column1, Column2. Ẹni tó bá wọ Transform Data láti tẹ Use First Row as Headers, Excel lè fi Changed Type kún un láìsọ fún un, òdo á tún lọ. Àmì x tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Changed Type lábẹ́ Applied Steps ni kó tẹ̀ láti yọ ọ́ kúrò.

Bí nọ́ńbà bá fara ti apá òsì àpótí rẹ̀, ó wà bí ọ̀rọ̀, òdo rẹ̀ pé. Bí ó bá fara ti ọ̀tún, ẹ fura. Àmì aláwọ̀ ewé kékeré tó bá yọ ní igun kì í ṣe ẹjọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáà tẹ Convert to Number.

Ẹni tí fáìlì àkọ́kọ́ ti sọnù mọ́ lọ́wọ́ ńkọ́? Yíyí òpó náà sí Text kò lè dá òdo tó ti lọ padà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà mọ́kànlá ni ti fóònù alágbèéká wa, nítorí náà èyí lè ràn án lọ́wọ́ bó bá jẹ́ òdo iwájú nìkan ló kù:

```
=TEXT(B2,"00000000000")
```

Fún àkáǹtì, òdo mẹ́wàá ni. Kóòdù tí gígùn rẹ̀ kò bára dọ́gba kò ní irú àtúnṣe yìí, torí kò sẹ́ni tó mọ iye òdo tó wà níwájú rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá sì ti fi pamọ́ sínú CSV bíi 2.34801E+12, nọ́ńbà ìyókù ti lọ pátápátá. Àfi kí wọ́n tún béèrè lọ́wọ́ onífóònù.

Akápò fi tirẹ̀ pamọ́ bíi Excel Workbook. Nígbà tí báńkì ní CSV ni àwọn ń gbà, ó mú CSV UTF-8 (Comma delimited), ó sì fi í ránṣẹ́ láìtún fi Excel ṣí i wò. Notepad ló fi yẹ̀ ẹ́ wò.