Owó Ilé Ọdún Yìí Kọ́ Ni Ẹ Ó Fi Ra Ilẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn tó ń ta ilẹ̀ ń sọ, ì báà jẹ́ ní Lugbe l'Ábùjá, ní Asaba tàbí ní Ibẹju-Lẹkki: owó tó wà ní báńkì ń jẹrà, ẹ yáa fi ra ilẹ̀. Irọ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí ń bí mi nínú ni pé wọn kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń tà á fún pé ìgbà wo ló fẹ́ ná owó náà. Bí ó bá jẹ́ oṣù mẹ́wàá sí i, pàkúté ni wọ́n ń tà fún un.

Àwọn onímọ̀ ìṣúná ní Amẹ́ríkà, tí Harold Evensky wà lára wọn, ló gbé ètò garawa kalẹ̀ fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Garawa kan wà fún owó tí a ó ná láìpẹ́, òmíràn fún ti ọdún bíi méjì sí márùn-ún, ìkẹta fún ọjọ́ iwájú tó jìnnà. Àwa náà ti gba ètò yìí, àmọ́ a ti yọ ọjọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ibi tí èlé bá ti pọ̀ jù là ń da gbogbo rẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo tọkọtaya kan ní Kàdúná. Oṣù mẹ́wàá ló kù kí wọ́n san owó ilé, ₦900,000. Ọmọbìnrin wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ SS1. Ọkọ náà jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlógójì, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń san owó ìfẹ̀yìntì.

Kí wọ́n máa fi ₦90,000 pamọ́ lóṣooṣù sínú owó àkópọ̀ tí à ń pè ní mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń ra tirẹ́ṣọ̀rì bíìlì ìjọba àti ìwé owó ọlọ́jọ́ kúkúrú míì. Bí wọ́n bá béèrè owó wọn, ọjọ́ díẹ̀ ni, ó ti dé. Ẹ̀yin tó ń sọ pé èlé rẹ̀ lè má bá ọ̀wọ́ngógó dọ́gba, òótọ́ lẹ sọ. Ní oṣù Kejìlá 2024, ìjọba kéde pé ọ̀wọ́ngógó ti dé 34.80%. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ garawa yìí ni pé kí owó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí onílé bá kan ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá fi ra ilẹ̀, wọ́n á wá oníbàárà, wọ́n á dúró de ìwé, oníbàárà náà á sì mọ̀ pé ọ̀ràn ti ká wọn mọ́. Ẹni tí ọ̀ràn ká mọ́ kì í dá iye lé ọjà rẹ̀.

Ti ọmọ ni garawa kejì. Láti ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń ta bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ọlọ́dún méjì àti ọlọ́dún mẹ́ta fún mẹ̀kúnnù, ₦5,000 ló sì bẹ̀rẹ̀ láti rà. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń san èlé. Ọdún mẹ́ta ló kù kí ọmọ wọn parí ilé ìwé gíga girama. Nítorí náà ọlọ́dún mẹ́ta ni kí wọ́n rà. Bí wọ́n bá lọ ra bọ́ǹdì ọlọ́dún mẹ́wàá nítorí pé èlé rẹ̀ dùn, wọ́n gbọ́dọ̀ tà á kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Bí èlé bá sì ti lọ sókè lọ́jà nígbà náà, ẹni tó fẹ́ rà á kò ní san iye tí wọ́n fi rà á.

Ibì kan wà tí bọ́ǹdì náírà yìí kò ti lè gbà wọ́n, ìyẹn bí ọmọ bá ń lọ sí Kánádà. Kí oṣù Kẹfà 2023 tó pé ìdajì, mílíọ̀nù kan náírà tó 2,100 dọ́là ní iye ìjọba. Nígbà tí oṣù Kejì 2024 fi máa parí, kò tó 700 mọ́. Ìjọba san gbogbo èlé pé pérépéré, síbẹ̀ owó ilé ìwé ti sá lọ. Ohun tí a ó fi dọ́là san, dọ́là ni ká fi tọ́jú rẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí kún ìwàásù garawa ní Nàìjíríà.

Garawa kẹta ni ilẹ̀ àti ìpín ìdókòwò yẹ fún. Níbẹ̀ ni mo ti bá àwọn onílẹ̀ rẹ́, tí mo sì bá àwọn tó ń fi ogún ọdún ra tirẹ́ṣọ̀rì bíìlì jà, nítorí ọ̀wọ́ngógó á jẹ ẹ́ tán. Inú Àpò Kejì ni owó ìfẹ̀yìntì ọkọ yìí wà, bí ti gbogbo ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún tí kò sì sọ ohun mìíràn. Ó lè kọ̀wé pé kí wọ́n gbé e lọ sí Àpò Kìíní, tó lè ra ìpín ìdókòwò púpọ̀ sí i. Bó bá pé àádọ́ta, wọ́n á gbé e sí Àpò Kẹta, níbi tí ewu ti dín kù. Ilẹ̀ rẹ̀ kò ní gbé ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá oníbàárà ní ọdún bíi mẹ́ta ṣáájú ìfẹ̀yìntì, nígbà tó ṣì lè sọ fún ẹni tó bá dá iye tí kò tó pé kó máa lọ.